Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Síbẹ̀: Ìkànnì Àgbẹ̀ àti Bọ́tìnì Wásáàpù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kan sí etí yín. Kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta ọjà oko lórí Wásáàpù rí yóò mọ̀ ọ́n lọ́gán.

— Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹyin ṣì wà?

Wákàtí méjì kọjá, nítorí pé ìyá ẹlẹ́yin wà nínú ilé adìẹ.

— Ẹ káàárọ̀. Ó wà o.

— Èló ni?

— Ńlá ni àbí kékeré?

— Èló ni ńlá, èló ni kékeré?

— Mélòó lẹ fẹ́? Níbo lẹ wà?

— Bódìjà. Ṣé ẹ lè gbé e wá?

— A lè gbé e wá.

— Èló lowó ọkọ̀?

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ìyá fi máa rí ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí. Ẹni tó ń béèrè ti ra ẹyin lọ́dọ̀ ẹlẹ́yin ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó ti fi jẹ iṣu, ó sì ti gbàgbé. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀, kò sì sí ẹni tó purọ́, kò sí ẹni tó ya aláìmọ̀wàáhù. Ohun tí ìkànnì ayélujára wà fún nínú òwò àgbẹ̀ nìyẹn: kó dáhùn gbogbo ìbéèrè yẹn kí oníbàárà tó tẹ bọ́tìnì Wásáàpù, débi pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa dé orí fóònù ìyá yóò ti jẹ́ pé ẹni báyìí fẹ́ nǹkan báyìí, iye báyìí, ní àdúgbò báyìí. Ìkànnì tó kún fún àwòrán oko tó rẹwà, tí wọ́n wá kọ “Ẹ kàn sí wa fún iye rẹ̀” sí ìsàlẹ̀, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ìbéèrè náà ló ṣì wà níbẹ̀, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú oko kan bí àpẹẹrẹ, kí á sì bá a lọ dé òpin. Oko náà wà ní agbègbè Ìdó, lẹ́yìn Omi Àdìó, tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ìyá tó ni í ń ta ẹyin, ó ń ta gààrí tó ń yan fúnra rẹ̀, ó sì ń ta ẹja àrọ̀ láti inú ọ̀gọ̀dọ̀ méjì. Gbogbo owó tí mo máa dá lónìí, owó àpẹẹrẹ ni o. Ẹ má fi wé owó ọjà tòní, kí ẹ má baà bínú sí mi.

Ibi tí iye ti máa ń dàrú kì í ṣe lára owó, lára òṣùwọ̀n ni. Ẹyin ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kéréètì kan kò lè ju ẹyin 30 lọ. Síbẹ̀, ẹyin adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yé kì í tóbi bí ti adìẹ tó ti dàgbà. Bí ẹ bá gbé 30 ẹyin ńlá sórí ìwọ̀n, yóò súnmọ́ kílò kan àti gíráàmù 800 láìka páálí. Ti kékeré lè wà ní nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Nítorí náà, ìyá kò gbọdọ̀ kọ “ẹyin” nìkan. Yóò kọ ẹyin ńlá, kéréètì kan tí í ṣe 30, ₦5,800. Ẹyin kékeré, 30, ₦5,000. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́yin máa ń gbàgbé: ṣé owó páálí wà nínú rẹ̀, àbí kí oníbàárà gbé páálí tirẹ̀ wá? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ẹyin ti dé, tí ọlọ́kadà dúró, tí kò sí ẹni tó fẹ́ san owó páálí.

Gààrí ni ká wá sọ. Ní Ìbàdàn, kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kóńgò ta ni? Àwọn kan ń bu kóńgò kó gun orí bí òkè, àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tẹ ìdí kóńgò wọ inú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n. Yàtọ̀ sí ti ìwà, gààrí fúnra rẹ̀ kò dọ́gba: èyí tó kúnná máa ń dì mọ́ra, ó sì ń wúwo ju èyí tó rí wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ nínú kóńgò kan náà, èyí tí kò sì tíì gbẹ dáadáa wúwo ju èyí tó gbẹ. Ẹni tó wà lọ́jà lè fi ojú wò ó, kó fi ọwọ́ bù ú, kó jù ú sẹ́nu. Ẹni tó ń wo ìkànnì ní Àpáta kò rí nǹkan kan ju àwòrán lọ.

Ohun tí ìyá wa máa ṣe ni kó ra ìwọ̀n oníkílò, kó bu gààrí sínú kóńgò tirẹ̀ bó ṣe máa ń bù ú fún oníbàárà gan-an, kó wọ̀n ọ́n ní ìgbà mélòó kan, kó sì mú iye tó wà láàárín. Jẹ́ kí á sọ pé ó bọ́ sí kílò kan àti gíráàmù 200. Yóò kọ ọ́ pé: gààrí Ìjẹ̀bú, kóńgò kan tó wọn kílò 1.2, ₦1,200. Lábẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ pé kílò kan jẹ́ ₦1,000. Kí ló dé tí a fi ń kọ méjèèjì? Nítorí pé kóńgò ni oníbàárà mọ̀, ṣùgbọ́n kílò ni kò ṣeé tẹ̀ nídìí. Bí ẹlòmíràn bá wà ládùúgbò tó ń ta kóńgò tirẹ̀ ní ₦1,150, a máa rò pé ó dínwó. Bí kóńgò yẹn bá jẹ́ kílò 1.1 péré, kílò kan rẹ̀ ti lé ní ₦1,040. Ìyá wa ló dínwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí kò bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Kí ó ya àwòrán kóńgò náà gan-an lórí ìwọ̀n, kí nọ́ńbà ojú ìwọ̀n hàn ketekete. Àwòrán yẹn wúlò ju àwòrán oko mẹ́wàá lọ.

Bí mo ti dárúkọ àwòrán yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná. Fọ́tò tí fóònù òde òní bá yà sábà máa ń wúwo tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta sí márùn-ún. Bí a bá kó mẹ́jọ irú rẹ̀ sórí ìkànnì, dátà oníbàárà la ń jẹ, kò sì ní dúró dè wá. Kí ẹni tó ń ṣe ìkànnì dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bíi kílóbáìtì 100. Lójú fóònù, kò sí ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀.

Ẹja àrọ̀ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé a kò lè bu ẹja bí ẹní bu gààrí. Ẹni tó fẹ́ kílò márùn-ún lè rí i pé ẹja márùn-ún tí wọ́n fà jáde wọn kílò márùn-ún àti gíráàmù 200. A kò lè gé ìrù ọ̀kan sọ nù kó lè pé. Nítorí náà, ohun tí ìyá máa kọ ni iye kílò kan, kì í ṣe iye ẹja: ẹja àrọ̀ láàyè, kílò kan ₦3,500, ẹja kan máa ń wà láàárín gíráàmù 900 sí kílò kan àti gíráàmù 100. Yóò fi kún un pé ìwọ̀n lè lé tàbí kó dín díẹ̀ sí ohun tí ẹ béèrè, iye tí ìwọ̀n bá sọ ni ẹ máa san, a ó sì fi fọ́tò ojú ìwọ̀n ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìwọ̀n yìí wà kí wọ́n tó la inú ẹja ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí oníbàárà bá gba ẹja tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀, tó sì gbé e sórí ìwọ̀n tirẹ̀ nílé, yóò dín, yóò sì rò pé wọ́n yàn án jẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ lọ́kàn wọn pé, “Bí mo bá kọ iye sílẹ̀ gedegbe báyìí, báwo ni mo ṣe máa ná ọjà?” Ìbéèrè tó dáa ni. Lọ́jà tiwa, iye tí a kọ́kọ́ dá kì í ṣe iye tí a máa gbà. Àgbẹ̀ tó bá kọ ₦7,000 fún kéréètì ẹyin ₦5,800 sórí ìkànnì kó lè fi àyè sílẹ̀ fún ìnájà, oníbàárà tó ń wo ojú fóònù kò ní ná an rárá, yóò kàn kọjá lọ ni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ iye tí ẹ máa gbà jálẹ̀, kí ẹ sì fi èènì dípò ìnájà. Èènì náà ṣeé kọ sílẹ̀: ẹni tó bá ra kóńgò gààrí mẹ́wàá, a ó fi ìdajì kóńgò kún un. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtiná ọjà yóò rí nǹkan gbà, ìyá kò sì ní lo ọ̀sán rẹ̀ lórí fóònù nítorí igba náírà.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Kí ó wà nínú tábìlì tirẹ̀, kí ó má farasin sínú iye ọjà. Ẹni tó bá wá gbé e lóko kò san nǹkan kan. Àpáta ₦1,500, Dùgbẹ̀ ₦2,000, Bódìjà ₦2,500. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọkọ̀ máa ń jáde, a kì í sì í gba iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Àdúgbò tí kò bá sí nínú tábìlì, kí ó kọ ọ́ gbangba pé a kì í dé ibẹ̀. Ìyẹn sàn ju “a ó jọ sọ ọ́” lọ.

Ó wá kan bọ́tìnì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lórí rédíò, ẹ mú bírò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀dà títẹ̀, ó wà níwájú yín. Bọ́tìnì Wásáàpù kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Líǹkì lásán ni, tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, Wásáàpù yóò ṣí sórí nọ́ńbà yín, kódà bí onítọ̀hún kò bá tíì kó nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
https://wa.me/2348000000000
```

Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ yẹn, àpẹẹrẹ lásán ni. Tiyín ni ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù nìyí. Nọ́ńbà wa ní Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, ó sì jẹ́ 11. Nínú líǹkì yìí, ẹ yọ òdo iwájú yẹn kúrò, kí ẹ fi 234 sí ipò rẹ̀. Ẹ má fi àmì ìròpọ̀ síwájú rẹ̀, ẹ má fi àlàfo sí àárín, ẹ má sì fi àmì ìdá sí i. Bí ẹ bá kà á, ó gbọ́dọ̀ pé 13. Bó bá jẹ́ 14, ẹ ò tíì yọ òdo yẹn kúrò. Bó bá jẹ́ 11, 234 ni kò sí níbẹ̀. Bí líǹkì bá bàjẹ́ báyìí, kò ní hàn lójú ìkànnì rárá. Bọ́tìnì náà yóò máa dán bó ṣe ń dán. Lórí fóònù ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni Wásáàpù yóò ti sọ pé òun kò mọ nọ́ńbà yẹn, onítọ̀hún kò sì ní ibi tó máa gbà fi sùn yín. Nítorí náà, kí ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnì yín wò.

Bí a bá dá bọ́tìnì náà dúró báyìí, ọ̀rọ̀ tó máa wọlé kò ní ju “Ẹ káàárọ̀ mà” lọ, a sì ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì tirẹ̀, kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan sì ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání. Wásáàpù fún wa láyè láti ṣe é. Lẹ́yìn nọ́ńbà, a máa fi àmì ìbéèrè sí i, a ó kọ `text=`, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kó ti wà níbẹ̀ de oníbàárà. Ti ẹyin ńlá nìyí:

```
https://wa.me/2348000000000?text=Eyin%20nla%2C%20N5800%20kereeti%20kan.%0AKereeti%20meloo%3A%0AAdugbo%3A%0AOjo%3A
```

Ẹ má jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn dẹ́rù bà yín. `%20` dúró fún àlàfo, `%2C` fún kọ́mà, `%3A` fún àmì méjì tó wà lórí ara wọn, `%0A` sì ń sọ pé ká bọ́ sórí ìlà tuntun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé Wásáàpù kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ líǹkì di gígùn ṣàkàlà, ó sì máa ń ṣòro láti rí ibi tí àṣìṣe wà. Ohun tó máa hàn lójú oníbàárà ni ìlà mẹ́rin: ẹyin ńlá àti iye rẹ̀, kéréètì mélòó, àdúgbò, ọjọ́. Yóò kún àlàfo mẹ́ta, yóò sì fi ránṣẹ́. Kò sí nǹkan tó máa lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tẹ àmì ìfiránṣẹ́, nítorí náà ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì ló ti ra ọjà.

Ẹni tó ń kọ ìkànnì yóò wá fi líǹkì yẹn sínú kóòdù tó kúrú báyìí:

```html
<meta charset="utf-8">
<a href="https://wa.me/2348000000000?text=Eyin%20nla">
  Ra ẹyin ńlá, ₦5,800
</a>
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn, tó yẹ kó wà lókè ojú ìwé pátápátá, kéré, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àmì náírà lè yí padà di â‚¦ lórí fóònù àwọn kan, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì yóò sì dà bí ìgbà tí èèrà rìn lórí ìwé. Bí oníbàárà bá sọ fún yín pé òun rí nǹkan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ sì kọ owó ní kíkún. Ẹ má kọ “5.8k”. Àwọn àgbàlagbà náà ń ra ẹyin.

Ní báyìí tí iye ti wà lójú ìkànnì, ó tún ti wà nínú líǹkì, ẹ ti rí ewu tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí oúnjẹ adìẹ bá gbówó lórí, ìyá yóò pe ọmọ rẹ̀ pé kó yí ẹyin sí ₦6,200. Ọmọ yóò yí ti tábìlì, yóò gbàgbé ti líǹkì. Báyìí ni oníbàárà yóò rí ₦6,200 lójú ìkànnì, tí Wásáàpù rẹ̀ yóò sì kọ ₦5,800. Ẹ sọ fún ẹni tó bá ń bá yín ṣe ìkànnì pé ibì kan ṣoṣo ni kí iye ọjà kọ̀ọ̀kan wà nínú kóòdù, kí tábìlì àti bọ́tìnì jọ máa mú un láti ibẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó yọ owó kúrò nínú ọ̀rọ̀ bọ́tìnì, kí ó fi ọjọ́ tí wọ́n kọ iye náà rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì lọ́nà mìíràn. Fóònù máa ń fi ìkànnì tó ti wò rí pamọ́, ó sì lè gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá síwájú oníbàárà láìsọ fún un. Bí a bá kọ ọ́ sórí tábìlì pé “Iye yìí wà láti ọjọ́ Ajé ọjọ́ kejì sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ọjọ́ keje oṣù yìí”, oníbàárà àti àgbẹ̀ yóò mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Òfin náà sì wà lẹ́yìn oníbàárà níbí. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn, kò sì yẹ kó fipá gba ju iye tó fi hàn lọ. Ìyẹn ni pé iye àtijọ́ tí ẹ gbàgbé sórí ìkànnì lè di iye tí ẹ máa tà á. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nínú Wásáàpù kì í ṣe ẹ̀rí: kí oníbàárà tó fi ránṣẹ́, ó lè pa ₦5,800 rẹ́ kó kọ ₦3,800. Kí ìyá máa fi ojú wé e mọ́ tábìlì tirẹ̀ nígbà gbogbo.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ní ìgboro kì í rò, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì wà lọ́dọ̀ tiwọn. Oko kì í sábà ní nẹ́tíwọ̀kì. Nígbà tí oníbàárà bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tí kò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì, àmì kan ṣoṣo ni yóò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì dé. Lọ́kàn ẹni tí àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti jẹ lówó rí, àmì kan ṣoṣo láti àárọ̀ dé alẹ́ túmọ̀ sí pé ayédèrú ni oko yìí. Wásáàpù oníṣòwò, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní èsì tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí. Ọ̀pọ̀ ló gbára lé e. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé èsì náà kì í lọ bí fóònù kò bá sí lórí nẹ́tíwọ̀kì, ìgbà tí àgbẹ̀ nílò rẹ̀ jù lọ gan-an.

Ọ̀nà méjì ni ìyá wa lè gbà yọ. Èkíní ni kó kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì gan-an, kì í ṣe sí ojú ìwé mìíràn: “A máa ń dáhùn láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, àti láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́.” Ẹni tó kọ̀wé ní ọ̀sán ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni òun máa gbọ́. Èkejì ni kó so fóònù ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìgboro mọ́ nọ́ńbà kan náà. Wásáàpù gbà kí a so ẹ̀rọ mẹ́rin mọ́ fóònù àkọ́kọ́, wọ́n sì lè dáhùn nígbà tí fóònù ìyá kò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ṣùgbọ́n bí fóònù ìyá bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ láìdé orí nẹ́tíwọ̀kì, gbogbo wọn ni yóò já.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iṣẹ́ kan ṣe máa lọ. Obìnrin kan ní Bódìjà ṣí ìkànnì ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ó fẹ́ kéréètì ẹyin ńlá méjì àti ẹja kílò márùn-ún. Ó tẹ bọ́tìnì ẹyin, ó kún àlàfo, ó padà, ó tẹ ti ẹja, ó kún un. Ọ̀rọ̀ méjì wọlé sórí Wásáàpù ìyá. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé: ẹyin 2, ₦11,600, ẹja kílò 5, bíi ₦17,500, ọkọ̀ Bódìjà ₦2,500, gbogbo rẹ̀ bíi ₦31,600. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ń jáde, a ó wọn ẹja ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó sì rí fọ́tò rẹ̀. Obìnrin náà ní ó dáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹja márùn-ún wọn kílò 5.2. Ìyá ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́: ẹja di ₦18,200, gbogbo rẹ̀ di ₦32,300. Ó fi ₦700 lé, kò sì sí ariwo, nítorí pé ìkànnì ti sọ ọ́ ṣáájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Kò fi í sórí ìkànnì, mo sì gbà pé ó ṣe é dáadáa: bí nọ́ńbà àkáǹtì bá wà lójú gbogbo ayé, àwọn kan yóò sanwó kí a tó wọn ẹja, a ó sì máa dá ṣẹ́ńjì padà. Nígbà tí obìnrin náà ní òun ti san, ìyá kò wo fọ́tò ìwé ẹ̀rí tó fi ránṣẹ́, kò sì wo tẹ́ẹ̀sì tó wọlé, nítorí pé ayédèrú àwọn méjèèjì pọ̀ níta. Ó ṣí ohun èlò báǹkì tirẹ̀, ó rí owó nínú rẹ̀, ó sì ní kí ọlọ́kadà máa lọ.

Bí ọjà bá wá tán ńkọ́? Ọ̀gọ̀dọ̀ ẹja kì í kún fún ẹja ńlá nígbà gbogbo. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó èyí tó dàgbà tà, ó lè gba oṣù mélòó kan kí àwọn ọmọ ẹja tuntun tó tó tà. Àwọn kan máa ń yọ ẹja kúrò lórí ìkànnì pátápátá. Mo rò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kí ẹja náà dúró síbẹ̀, kí iye rẹ̀ tó kẹ́yìn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnì “Ra ẹja” parẹ́, kí “Ó ti tán. A nírètí pé yóò tún wà ní oṣù Kẹwàá” rọ́pò rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí bọ́tìnì mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ “E so fun mi ti eja ba de. Kilo meloo:”. Bí oṣù Kẹsàn-án bá fi máa parí, ìyá yóò ti ní orúkọ àwọn tó fẹ́ ẹja àti iye kílò tí wọ́n fẹ́, kí ó tó da omi ọ̀gọ̀dọ̀ nù.